Áńpù fótódáódù mi dákẹ́ lórí búrẹ́dìbọ́ọ̀dù, ó wá ń gbọ̀n lórí píísíbíì: rẹsísítọ̀ àti kapásítọ̀ wo ni kí n lò?

ỌmọWáyà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń ṣe risífà kékeré kan tó máa gba ìmọ́lẹ̀ infuráreèdì, ẹ́líìdì 940 nm ló ń tàn sí i láti òdìkejì tábìlì, ó ń tàn ó ń kú ní 20 kHz. Fótódáódù mi ni BPW34, ọ́páńpù mi ni OPA2134, bátìrì 9 V méjì ló ń gbé e, ọ̀kan fún pọ́síìtìfù, ọ̀kan fún nẹ́gétíìfù. Fótódáódù wà láàárín píìnì 2 àti gíráǹdì, mi ò fi fọ́tééjì kankan sí i lára, píìnì 3 lọ sí gíráǹdì, rẹsísítọ̀ 1 MΩ wà láti píìnì 1 sí píìnì 2. Kapásítọ̀ kankan ò sí níbẹ̀.

Lórí búrẹ́dìbọ́ọ̀dù ó dára gan-an, ohun tó ń jáde rí bíi síkúwíà tí igun rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Mo wá ya píísíbíì, mo jó o, ṣíìpù kan náà ni mo yọ síbẹ̀, fótódáódù kan náà, ni wàhálà bá dé. Gbogbo ìgbà tí wéèfù bá gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀, ó máa fò kọjá ibi tó yẹ kó dúró, á wá máa gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹfà kó tó jókòó. Mo wọn gbígbọ̀n náà lórí sìkóòpù, 125 kHz ni. Tí mo bá wá fi wáyà kóásì mítà kan sí áútípùùtì láti gbé e lọ sí bọ́ọ̀dù kejì, kì í tiẹ̀ dúró mọ́ rárá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi 100 pF dábùú rẹsísítọ̀ yẹn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, gbígbọ̀n lọ, àmọ́ síkúwíà mi di onígun mẹ́ta tó kéré báyìí. Ìbéèrè mi ni pé báwo lẹ ṣe ń mú rẹsísítọ̀ àti kapásítọ̀ yìí, àbí ṣe la kàn máa ń dán wọn wò títí tí ọ̀kan á fi bá a mu?

SólàBàbá
Ọ̀rẹ́, o kàn ń da ara ẹ láàmú ni. LM358 ni kó o lò jàre. Òun ni mo lò sí iná ojú ọ̀nà wa, ilẹ̀ tó bá ti ṣú iná á tàn, ilẹ̀ tó bá mọ́ á kú, 10 MΩ ni mo fi sí i pẹ̀lú kapásítọ̀ 100 nF, kò gbọ̀n rí látọjọ́ tí mo ti so ó mọ́gi.

ỌmọWáyà
Ẹ ṣé ọ̀gá, àmọ́ tèmi ò kí í ṣe ti tan iná pa iná o. Ìmọ́lẹ̀ tèmi ń yí padà ní ìgbà ẹgbàáwàá láàárín sẹ́kọ́ńdù kan.

SólàBàbá
Hẹn, mo rò pé iná ni. Ó dáa, mo ń kà á lọ.

EnjiníàTuntun
Èmi ò fọkàn tán ṣíìpù yẹn o. OPA2134 tó jẹ́ ayédèrú pọ̀ nígboro, wọ́n máa ń fọ àmì ara ṣíìpù olówó pọ́ọ́kú kúrò, wọ́n á tún tẹ tuntun lé e. Gbogbo wa la mọ̀ pé búrẹ́dìbọ́ọ̀dù burú ju píísíbíì lọ, torí náà nǹkan tó bá ṣiṣẹ́ lórí búrẹ́dìbọ́ọ̀dù kò yẹ kó dàrú lórí píísíbíì, àfi tí ṣíìpù bá ní àìsàn tàbí tó o bá ya bọ́ọ̀dù yẹn láìdáa. Fi bàbà gíráǹdì kún ibi gbogbo, abẹ́ ṣíìpù náà gan-an, kó o sì ra ṣíìpù míì.

ÌyáSọ́dà
Àbúrò, má tíì yọ ṣíìpù yẹn, kò ṣẹ̀ ẹ́. Má sì fi bàbà kankan sí abẹ́ píìnì 2, màá sọ ìdí rẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo búrẹ́dìbọ́ọ̀dù ná. Lára OPA2134, píìnì 1 ni áútípùùtì, píìnì 2 ni ìnpùùtì máínọ́ọ̀sì, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà. Tó o bá ti ki ṣíìpù náà bọ búrẹ́dìbọ́ọ̀dù, irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ihò píìnì 1 àti ti píìnì 2 kọjú síra wọn, ike tín-ín-rín ló wà láàárín wọn. Kapásítọ̀ lẹ́ni tó bá ní ojú rí níbẹ̀ yẹn, ó sì máa ń tó pF méjì, nígbà míì ó máa ń lé. Ibi tó bọ́ sí gan-an ni ibi tí kapásítọ̀ fídíbáàkì yẹ kó wà, láti áútípùùtì wá sí ìnpùùtì, ó dábùú 1 MΩ rẹ. Búrẹ́dìbọ́ọ̀dù ló bá ọ fi kapásítọ̀ síbẹ̀. Nígbà tó o kó lọ sórí píísíbíì, ojú ọ̀nà bàbà tìẹ kéré, kapásítọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn bá lọ, ó wá ku èyí tó wà lára rẹsísítọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn ò sì ju bíi 0.2 pF lọ.

Ìdí tó fi ń gbọ̀n nìyí. Fótódáódù rẹ tóbi, ó sì ní kapásítáǹsì tiẹ̀, détáṣíìtì BPW34 sọ pé 70 pF ni tí kò bá sí fọ́tééjì lára ẹ̀. Ohun tí ọ́páńpù bá fi ránṣẹ́ gba inú 1 MΩ padà wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún inú kapásítáǹsì yẹn kí píìnì 2 tó gbọ́, èyí gba àkókò, ọ́páńpù náà sì tún ní ìdádúró tiẹ̀. Ó dà bíi kọ̀ndọ́ tó ń darí dírẹ́fà tó ń rìn sẹ́yìn, àmọ́ tí ohùn ẹ̀ ń pẹ́ kó tó débẹ̀: kí dírẹ́fà tó gbọ́ "ó tó", ó ti kọjá, ó tún ń bọ̀ níwájú, ó tún kọjá. Kapásítọ̀ kékeré tó bá dábùú rẹsísítọ̀ máa ń jẹ́ kí ìyípadà tó yára gba ọ̀nà àbùjá dé píìnì 2, kò ní dúró de 1 MΩ mọ́.

Wàyí o, ìṣirò. Fótódáódù 70 pF, ọ́páńpù fúnra ẹ̀ ní nǹkan bíi 7 pF (5 sí gíráǹdì, 2 láàárín ìnpùùtì méjèèjì), mo fi 3 kún un fún ojú ọ̀nà bàbà. GBW, ìyẹn géènì ìlọ́po bándíwíìtì tó ń sọ bí ọ́páńpù ṣe yára tó, 8 MHz ni wọ́n kọ sí OPA2134. Cin ni àpapọ̀ kapásítáǹsì tó wà ní píìnì 2, Rf ni rẹsísítọ̀ fídíbáàkì, fi sì ni ibi tí gbígbọ̀n máa bọ́ sí.

```
Cin = 70 + 7 + 3 = 80 pF
fi = sqrt(GBW / (2*pi*Rf*Cin))
   = sqrt(8e6 / (2*pi*1e6*80e-12))
   = 126 kHz
```

Ìwọ wọn 125. Kò tiẹ̀ yẹ kí wọ́n bá ara mu tó báyẹn, torí 70 pF yẹn kì í ṣe ohun tí gbogbo fótódáódù máa ní gẹ́lẹ́, àmọ́ ó tó láti fi mọ̀ pé ṣíìpù ẹ kì í ṣe ayédèrú. Ká ní ṣíìpù 3 MHz ni wọ́n tẹ orúkọ lé lórí, bíi 77 kHz ló máa gbọ̀n sí. EnjiníàTuntun, ṣé o rí i bí a ṣe lè fi gbígbọ̀n dá ṣíìpù mọ̀ láì rà òmíràn?

EnjiníàTuntun
Mo gbà fún yín lórí ti ṣíìpù mà. Ti gíráǹdì ńkọ́? Gbogbo ìwé ló sọ pé ká fi gíráǹdì kún bọ́ọ̀dù.

ÌyáSọ́dà
Fi kún bọ́ọ̀dù, àmọ́ gé e kúrò lábẹ́ píìnì 2 àti lábẹ́ ojú ọ̀nà tó lọ bá fótódáódù. Bàbà tó bá wà lábẹ́ ibẹ̀ ń fi kapásítáǹsì kún Cin ni, Cin ló sì dá ìjà yìí sílẹ̀.

Ó ku kapásítọ̀ fídíbáàkì, Cf. Èyí ni mo máa ń lò:

```
Cf = sqrt(Cin / (pi*Rf*GBW))
   = sqrt(80e-12 / (pi*1e6*8e6))
   = 1.8 pF
```

Pẹ̀lú 1.8 pF, wéèfù á fò kọjá díẹ̀, bíi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, á jókòó, bándíwíìtì ẹ á sì wà ní nǹkan bíi 125 kHz. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ 0.2 pF, ìdí nìyẹn tó fi ń fò kọjá ní ohun tó lé ní ìdajì gíga wéèfù, tó sì ń gbọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà. Ti ọ̀rẹ́ ẹ tó ní 100 pF, kò parọ́ pé á dákẹ́, àmọ́ 1 MΩ pẹ̀lú 100 pF jẹ́ 1.6 kHz. Síkúwíà ẹ ń lo 25 µs lókè, 25 µs nísàlẹ̀, kapásítọ̀ yẹn ń fẹ́ 100 µs kó tó kọ́kọ́ kún dé ibì kan, bẹ́ẹ̀ lo ṣe rí onígun mẹ́ta tí kò tó ìdá mẹ́jọ ohun tó yẹ kó o rí.

EnjiníàTuntun
Mà, fọ́múlà tí èmi mọ̀ ní 2*pi nínú, kì í ṣe pi nìkan. Tèmi ń fún mi ní 1.26 pF. Èwo ló tọ̀nà?

ÌyáSọ́dà
Àwọn méjèèjì tọ̀nà, ohun tí wọ́n ń lé ló yàtọ̀. Tìẹ ló ń fúnni ní 45° ìpamọ́, ìyẹn àyè tó kù kí sákíìtì tó máa gbọ̀n láì dúró, wéèfù á fò kọjá ní bíi ìdá mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún kó tó jókòó. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ wà àbí kò sí lè gba ìyẹn mọ́ra. Tèmi jẹ́ ìlọ́po 1.4 tìẹ, ó jẹ́ kí ojú bándíwíìtì tẹ́jú láìsí òkè lórí. Ibi tí mo ti ń bá èèyàn jà ni tí wọ́n bá fi 1.26 sílẹ̀ tí fótódáódù wá jẹ́ 80 dípò 70, tí wáyà tún fi 20 kún un. Ìpamọ́ á tún dín kù sí i.

ỌmọWáyà
Ẹ ṣé gan-an mà, ó ti ń yé mi. Níbo ni mo ti fẹ́ rí 1.8 pF báyìí? Èyí tó kéré jù lọ́wọ́ mi ni 4.7 pF, tí mo bá sì ní kí n fi méjì tò léra, 2.35 ló máa jẹ́.

ÀkànbíLáàbù
2.35 ò burú o, á kàn dín bándíwíìtì ẹ kù díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tó o bá fẹ́ ṣe é bíi ti àwọn àgbà, mú wáyà tín-ín-rín méjì tó ní ike lára, lọ́ wọn mọ́ ara wọn bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, jó ìdí ọ̀kan mọ́ píìnì 1, jó ìdí èkejì mọ́ píìnì 2, kí orí wọn má kan ara wọn. Sẹ̀ǹtímítà kan máa ń tó nǹkan bíi pF kan, ó sinmi lórí bí ike ṣe nípọn. Tan sìkóòpù, máa gé e lórí díẹ̀díẹ̀, tí wéèfù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò kọjá ju bó o ṣe fẹ́, ó ti tó, dúró níbẹ̀.

Àmọ́ kókó tí mo fẹ́ mú wá ni tèmi níbi iṣẹ́. Àwa fi fótódáódù sí ẹnu àgbá omi kan, áńpù wà nínú àpótí lára ògiri, kóásì mítà kan ló so wọ́n pọ̀. Kóásì máa ń ní bíi 100 pF ní mítà kan, Cin tiwa á ti máa lọ sí 180. Kapásítọ̀ tó ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kò ṣiṣẹ́ nígbà tí a so ó mọ́ wáyà yẹn. Ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́kàn yín, ibi tí fótódáódù máa gbé gan-an la fi ń ṣírò, kì í ṣe ti orí tábìlì.

ÌyáSọ́dà
Òótọ́ ni, Àkànbí. Tó bá lè ṣeé ṣe, ẹ gbé áńpù lọ bá fótódáódù, kí wáyà gígùn wà lẹ́yìn áńpù.

ỌmọWáyà, lọ́ wáyà tó o bá fẹ́, ó ń ṣiṣẹ́, mo ti ṣe é rí. Àmọ́ èmi kì í fẹ́ sákíìtì tí kapásítọ̀ ẹ̀ kéré tó báyẹn. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀: 1.8 pF lo nílò, búrẹ́dìbọ́ọ̀dù nìkan ń fún ọ ní 2. Ó túmọ̀ sí pé ìka ọwọ́, ìdọ̀tí fílọ́ọ̀sì tó kù lórí bọ́ọ̀dù, tàbí bí ẹsẹ̀ rẹsísítọ̀ ṣe gùn, ló ń pinnu bándíwíìtì fún ọ. Rẹsísítọ̀ ni kó o dín kù títí tí kapásítọ̀ tó bá a mu á fi di èyí tó o lè rà nínú páálí.

Gbìyànjú 220 kΩ. Pẹ̀lú 80 pF yẹn, fi á lọ sí 269 kHz, Cf á jẹ́ 3.8 pF. O ní 4.7 pF lọ́wọ́, lò ó. Ìyẹn á jẹ́ kó dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní fò kọjá mọ́ rárá, bándíwíìtì á ṣì wà ní àyíká 190 kHz. Etí wéèfù á máa gbà bíi 1.8 µs láti gòkè, nínú 25 µs tó o ní, ìyẹn ò já mọ́ nǹkankan. Kí kapásítọ̀ náà jẹ́ irú C0G, èyí tí wọ́n tún ń kọ ní NP0, torí ooru kì í yí wọn padà.

Géènì tó o pàdánù, ṣíìpù rẹ ní ọ́páńpù kejì tó ń jókòó lásán. Fi 4.7 nF gba àárín wọn kọjá, 100 kΩ lọ sí gíráǹdì lẹ́yìn ẹ̀, kí iná yàrá tó dúró lójú kan má bàa kọjá, kó o wá fi 39 kΩ àti 10 kΩ fún un ní géènì 4.9. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ á padà sí bíi 1.08 MΩ.

ÀkànbíLáàbù
Mi ò fara mọ́ èyí pátápátá mà. Rẹsísítọ̀ ńlá ló ń mú ariwo kéré. Sígínàl ń pọ̀ bí rẹsísítọ̀ ṣe ń pọ̀, àmọ́ ariwo rẹsísítọ̀ ń pọ̀ bí sikúwíà-rúùtù ẹ̀ nìkan ṣe ń pọ̀. Láti 1 MΩ wá sí 220 kΩ, ariwo rẹsísítọ̀ tó bá a dé ìdí fótódáódù á lé ní ìlọ́po méjì, géènì ẹ̀yìn ò sì lè gbà á padà. Àwa tó ń wọn omi tó mọ́ ketekete, ibẹ̀ ni ẹ̀mí wa wà.

ÌyáSọ́dà
Ohun tó o sọ yẹn tọ̀nà fún inú òkùnkùn. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ ní ariwo tiẹ̀, torí wóró wóró ló ń wọlé. Ohun tí mo fi ń mọ èyí tó ń borí nìyí: wo fọ́tééjì tí ìmọ́lẹ̀ tó dúró ń gbé dúró lórí rẹsísítọ̀ fídíbáàkì. Tó bá lé ní 50 mV, ariwo ìmọ́lẹ̀ ti ju ti rẹsísítọ̀ lọ, kíkún rẹsísítọ̀ kò tún fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́ mọ́. ỌmọWáyà, pa ẹ́líìdì yẹn, wọn áútípùùtì píìnì 1 pẹ̀lú mítà, kí iná yàrá wà bó ṣe máa ń wà.

ỌmọWáyà
Ó ń fi 0.4 V hàn mà, pẹ̀lú 1 MΩ. Iná tó wà ní àjà àti fèrèsé ni.

ÌyáSọ́dà
Ìyẹn jẹ́ 0.4 µA. Lórí 220 kΩ á jẹ́ 88 mV, ó ṣì lé ní 50. Nínú yàrá tìẹ, ariwo ìmọ́lẹ̀ ṣì ju ti rẹsísítọ̀ lọ, ariwo rẹ lápapọ̀ á fi bíi ìdá méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fún ẹni tó ń ka síkúwíà 20 kHz láti òdìkejì tábìlì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àkànbí, ní ti omi yín, mi ò bá ọ jiyàn.

ÀkànbíLáàbù
Ó dáa, ti omi ṣì jẹ́ tiwa. Ẹ gbọ́ mà, ṣé kò wá sàn kó fi fọ́tééjì fa fótódáódù sẹ́yìn, kí kapásítáǹsì ẹ̀ kéré, kó sì fi 1 MΩ rẹ̀ sílẹ̀? Détáṣíìtì sọ pé ní 3 V, BPW34 já wá sí 25 pF. Cin á di 35, fi á di 191 kHz. Bándíwíìtì tó o fẹ́ nìyẹn láì fọwọ́ kan rẹsísítọ̀.

ÌyáSọ́dà
Ọ̀nà dáadáa ni, àmọ́ o fo ibì kan. Cf tó bá 35 pF mu á wálẹ̀ sí 1.2 pF. Tó bá fi 1.8 tó ti wà níbẹ̀ sílẹ̀, bándíwíìtì kò ní gòkè rárá, á tiẹ̀ wálẹ̀ sí bíi 107 kHz torí kapásítọ̀ ti pọ̀ ju ohun tí sákíìtì nílò lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fa fótódáódù sẹ́yìn, wọ́n á ní kò yára sí i, wọn ò mọ̀ pé kapásítọ̀ ìsáájú ló dì í mú. Ó sì tún padà sí ibi tí à ń sá fún, kapásítọ̀ tó kéré ju ti búrẹ́dìbọ́ọ̀dù lọ. Fọ́tééjì yẹn náà gbọ́dọ̀ mọ́ o, torí ariwo tó bá wà lórí ẹ̀ ń gba inú fótódáódù wọlé tààrà. Rẹsísítọ̀ 10 kΩ àti 100 nF ni kó fi sẹ́ ariwo náà kúrò.

ÀkànbíLáàbù
Mo gbọ́, àmọ́ èmi á ṣì fà á sẹ́yìn ná, kí n tó dín rẹsísítọ̀ kù. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

EnjiníàTuntun
Ti wáyà kóásì tó ní ó gbọ̀n láì dúró ńkọ́? Kò tíì sí ẹni tó dá a lóhùn.

ÌyáSọ́dà
O káre. Mítà kan yẹn ń gbé 100 pF kọ́ áútípùùtì lọ́rùn, ọ́páńpù á wá pẹ́ sí i. Èyí tó ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ kò ní àyè kankan tó kù, ìdí nìyẹn tí kò fi dúró mọ́. Kó fi rẹsísítọ̀ 100 Ω sí áútípùùtì kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kí fídíbáàkì ti kúrò lára píìnì kí ó tó kan 100 Ω náà. Próòbù sìkóòpù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó máa lo ×10, ti ×1 máa ń gbé kapásítáǹsì bíi ti wáyà yẹn kọ́ ọ lọ́rùn, èèyàn á sì máa rò pé sákíìtì ló ṣẹ̀.

ỌmọWáyà
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ti ṣe é. 220 kΩ, 4.7 pF C0G, mo fi ọ̀bẹ họ bàbà tó wà lábẹ́ píìnì 2 kúrò, mo fi ọtí ìpara fọ fílọ́ọ̀sì dànù, 100 Ω wà lẹ́nu áútípùùtì. Wéèfù gòkè, ó jókòó, kò fò kọjá. Kóásì wà lára ẹ̀ báyìí, ojú kan náà ni. Lẹ́yìn géènì kejì, etí wéèfù ń gbà bíi 2 µs. Mo tún yọ 4.7 pF wò, gbígbọ̀n padà wá, ó ti lọ sókè sí nǹkan bíi 265 kHz, bí ìyá wa ṣe sọ gẹ́lẹ́.

Ìṣòro tó kù ni pé tí oòrùn bá ti gba ojú fèrèsé bọ́ sórí fótódáódù, gbogbo ẹ̀ á kú, píìnì 1 á lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ 9 V kan, kò ní kúrò níbẹ̀.

EnjiníàTuntun
Pààrọ̀ ẹ̀ sí BP104, fótódáódù tó ní ike dúdú, ó ń dí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, infuráreèdì nìkan ló ń jẹ́ kó kọjá.

ÌyáSọ́dà
Ìyẹn á gbà ọ́ lọ́wọ́ iná yàrá, kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ oòrùn. Oòrùn kún fún infuráreèdì. Nínú oòrùn gangan, fótódáódù tó fẹ̀ tó èyí ń fún ọ ní mílíámpíà, 1 mA lórí 220 kΩ ń bèèrè 220 V lọ́wọ́ bátìrì 9 V. Kapásítọ̀ àárín tí mo fi síbẹ̀ ò lè ràn án lọ́wọ́ torí píìnì 1 ti kú kó tó débẹ̀.

ÀkànbíLáàbù
Àfi kó fi ọ́páńpù míì ṣe ẹ̀rọ tó ń fa ìmọ́lẹ̀ tó dúró kúrò lára píìnì 2. Àmọ́ ohunkóhun tó bá so mọ́ píìnì 2 tún ń fi kapásítáǹsì kún Cin o, kó yáa tún ṣírò ẹ̀.

SólàBàbá
Ṣé kò kàn lè fi páìpù dúdú kékeré bo ojú fótódáódù yẹn, kó kọjú ẹ̀ sí ẹ́líìdì nìkan?

ỌmọWáyà
Páìpù wà nílé, ó yá jù. Màá fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ẹ̀gbọ́n Àkànbí, ẹ jọ̀ọ́ tẹ́ ẹ bá ní sákíìtì tó ń fa ìmọ́lẹ̀ kúrò yẹn, ẹ bá mi yà á síbí kí n wo iye tó máa fi kún Cin.